Kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ìdajì mílíọ̀nù: bí a ṣe ń to ìdánwò ọ̀wọ́ àti ààlà fún fọ́ọ̀mù ìṣírò ẹ̀yáwó

Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní gbèsè tó ṣẹ́ kù sí i lọ́rùn, ₦123,450.50. Ó fẹ́ yá ₦376,550 kún un, kó pa méjèèjì pọ̀ di ẹ̀yáwó tuntun kan ṣoṣo, kó sì san án tán láàárín oṣù méjìlá. Ó ṣí fọ́ọ̀mù ìṣírò tó wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà, ó tẹ 500000.50, ó yan oṣù 12. Fọ́ọ̀mù dá a lóhùn pé ₦41,666.71 ni yóò máa san lóṣooṣù. Inú rẹ̀ dùn, ó sì yẹ kó dùn, nítorí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a lówó láìgba èlé ni. ₦45,840.04 ló yẹ kó rí. Tí ẹ bá ṣe ìṣírò rẹ̀ fún oṣù méjìlá, èlé tó fò lọ lé ní ₦50,000.

Èmi ni mo dán fọ́ọ̀mù yẹn wò kó tó jáde. Mo sì dán ààlà ìdajì mílíọ̀nù wò o, kì í ṣe pé mo fò ó. Mo tẹ 500,000, ó dáhùn dáadáa. Mo tẹ 500,001, ó dáhùn dáadáa. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo gbà pé 500,001 ni aládùúgbò 500,000, bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù náà ń gba kọ́bọ̀. Iye mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà láàárín àwọn méjèèjì tí n kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Bí mo ṣe ń to irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín, fọ́ọ̀mù yẹn kan náà ni a ó sì fi ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún òfin náà kọ kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù

Ìwé tí ìgbìmọ̀ fún wa kò gùn. Ó ní ẹ̀yáwó bẹ̀rẹ̀ láti ₦50,000 títí dé mílíọ̀nù méjì. Ẹni tó bá yá owó dé ìdajì mílíọ̀nù yóò san èlé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Láti ìdajì mílíọ̀nù lọ sókè, ìdá kan àti ààbọ̀. Oṣù mẹ́ta sí méjìdínlógún ni wọ́n fi ń san án, iye kan náà lóṣooṣù, orí gbèsè tó kù ni a sì ń ṣírò èlé sí. Ẹ̀yáwó pàjáwìrì kò ní èlé rárá, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ₦100,000.

Ẹ tún un kà. "Dé ìdajì mílíọ̀nù" àti "láti ìdajì mílíọ̀nù lọ": ẹni tó yá ₦500,000 géérégé wà níhìn-ín, ó tún wà lọ́hùn-ún. Dẹfẹ́lọ́pà yóò yan ọ̀kan, tẹ́sítà yóò yan ọ̀kan, àwọn méjèèjì á sì rò pé ohun tí ìwé wí nìyẹn. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni mo tó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣírò owó.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹni tó yá ìdajì mílíọ̀nù géérégé ńkọ́, èlé wo ni tirẹ̀?"

"Ìdá méjì ni. Ó gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó jẹ àǹfààní kan-àti-ààbọ̀."

"Kó fi èló kọjá, sà?"

Bàbá wò mí. "Kọ́bọ̀ kan ṣáà ti kọjá. Ṣé kọ́bọ̀ kì í ṣe owó ni?"

Ìdáhùn yẹn ló yẹ kí n ti gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Fún àpótí kọ̀ọ̀kan tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ohun mẹ́ta ni mo máa ń béèrè báyìí: ṣé iye tó wà lórí ààlà gan-an wà nínú tàbí ní ìta? Kí ni ìṣísẹ̀ tó kéré jù lọ tí àpótí náà ń gbà, náírà ni àbí kọ́bọ̀, oṣù ni àbí ààbọ̀ oṣù? Ṣé ibì kan wà tí iye kan nínú ìṣírò ti lè di òdo? Mo máa ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó dájú, mi ò ń fi "dé" tàbí "láti" sílẹ̀ lásán. Ní tiwa, ó di báyìí: ₦50,000.00 sí ₦500,000.00, ìdá méjì, ₦500,000.01 sí ₦2,000,000.00, ìdá kan àti ààbọ̀; oṣù 3 sí 18, odidi nìkan; pàjáwìrì, ₦50,000.00 sí ₦100,000.00, èlé òdo.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín iye sí ọ̀wọ́

Ọ̀wọ́ kan ni gbogbo iye tí fọ́ọ̀mù yẹ kó ṣe bákan náà sí. Ìdí tí a fi ń pín in ni pé kò sẹ́ni tó lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Láti ₦50,000.00 dé ₦2,000,000.00, kọ́bọ̀ kan kọ́bọ̀ kan, iye 195,000,001 ló wà níbẹ̀, kí a tó sọ ti oṣù mẹ́rìndínlógún tí a lè fi san ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ pé nínú ìkòkò. Àmọ́ tí ìkòkò bá jẹ́ méjì, ṣíbí tí a bù nínú ọ̀kan kò lè jẹ́rìí èkejì. Iṣẹ́ yín níbí ni láti mọ iye ìkòkò tó wà lórí iná.

Ẹni tó bá ń wo ojú fọ́ọ̀mù nìkan yóò rí ọ̀wọ́ mẹ́ta nínú àpótí owó: ó kéré jù, ó dára, ó pọ̀ jù. Ẹni tó ti ka òfin yóò rí mẹ́rin, nítorí "ó dára" ti pín sí méjì ní ìdajì mílíọ̀nù. Kò sí ohun kankan lójú fọ́ọ̀mù tó ń fi ìpín yẹn hàn: kò sí ìkìlọ̀ pupa, àpótí kò yí àwọ̀ padà. Inú ìṣírò ló ti yà. Irú àwọn ìpín báyìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí pé àwọn tó wà lójú ìta, bíi ₦50,000 àti mílíọ̀nù méjì, dẹfẹ́lọ́pà fúnra rẹ̀ á ti dán wọn wò.

Mú iye kan ní àárín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tó jìnnà sí ààlà. Mo mú ₦200,000 àti ₦900,000, oṣù 12 fún méjèèjì. Èkíní gbọ́dọ̀ fún wa ní ₦18,911.92 lóṣù, èkejì ₦82,511.99. Tí àwọn méjì yìí bá kùnà, kò sí ìdí láti lọ sí ààlà rárá. Ẹ dá iṣẹ́ náà padà.

Àwọn ọ̀wọ́ tí kò dára náà wà, ti owó àti ti oṣù: òfìfo, lẹ́tà, iye tó wà nísàlẹ̀ òdo, kọ́bọ̀ oní-nọ́ńbà mẹ́ta bíi 60000.005, oṣù tó ní ààbọ̀. A ó padà sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ààlà àti aládùúgbò rẹ̀

Àgbẹ̀ méjì kì í jà láàárín oko. Ibi tí pèrègún dúró sí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ iṣu yìí tèmi ni tàbí tìrẹ. Kóòdù náà kò yàtọ̀: àárín ọ̀wọ́ kì í sábà bàjẹ́, ibi tí `<` ti gba ipò `<=` ló ń bàjẹ́.

Òfin ìdánwò ààlà kò le. Ẹ mú iye tó wà lórí ààlà, ẹ mú aládùúgbò rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù nínú ọ̀wọ́ tó bá a pààlà. Iye méjì fún ààlà kan. Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "tó sún mọ́ ọn jù" yẹn, ìṣísẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kìíní ló sì ń sọ ẹni tí aládùúgbò jẹ́. Ẹ wo kóòdù tó yá ọkùnrin wa lówó láìgba èlé, `P` ni owó tí a tẹ̀, `r` ni èlé oṣù kan:

```js
let r = 0;
if (P <= 500000) r = 0.02;
if (P >= 500001) r = 0.015;
```

Ẹni tó kọ ọ́ ń ronú ní náírà. Èmi tí mo dán an wò ń ronú ní náírà. Aṣìṣe kan náà tó wà lórí rẹ̀ ló wà lórí mi, ìdí nìyẹn tí a fi jọ kọjá lára ihò náà. 500,000.50 kò kéré tó, kò pọ̀ tó, `r` sì dúró sórí òdo tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tí ì bá mú un kò ju kọ́bọ̀ kan lọ: 500,000.01.

Fún àpótí owó, oṣù 12, ẹ̀yáwó lásán, tábìlì ààlà mi rí báyìí:

| Owó tí a tẹ̀ | Ìdáhùn tí a ń retí |
|---|---|
| 49,999.99 | kó kọ̀ ọ́, kó ní owó kéré jù |
| 50,000.00 | ₦4,727.98, èlé 2% |
| 500,000.00 | ₦47,279.80, èlé 2% |
| 500,000.01 | ₦45,840.00, èlé 1.5% |
| 2,000,000.00 | ₦183,359.99, èlé 1.5% |
| 2,000,000.01 | kó kọ̀ ọ́, kó ní owó pọ̀ jù |

Ẹ wo ìlà kẹta àti ìkẹrin. Ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó tó yá ń san ₦1,439.80 dín lóṣooṣù. Bóyá ìgbìmọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òfin àwọn rí, n kò bi wọ́n, àmọ́ ó dùn mọ́ tẹ́sítà: ìdáhùn méjèèjì jìnnà síra gan-an débi pé ẹ̀gbẹ́ tí fọ́ọ̀mù wà kò lè fara pamọ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. ₦499,999.99 àti ₦500,000.00 jọ ń fúnni ní ₦47,279.80, nítorí ìyàtọ̀ wọn kò tó ohun tó hàn lẹ́yìn tí a bá sún un sí kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ dẹfẹ́lọ́pà pé kó máa kọ iye èlé sí abẹ́ ìdáhùn, tí mo sì ń ka òun náà nínú ìdánwò.

Àwọn kan máa ń mú iye mẹ́ta fún ààlà kan: òun fúnra rẹ̀, aládùúgbò ìsàlẹ̀, aládùúgbò òkè. Ó wúlò tí ẹnìkan bá kọ `==` síbi tó yẹ kó kọ `<=`. Ní ti 500,000, irú kóòdù bẹ́ẹ̀ yóò yege ní 500,000.00 àti 500,000.01, 499,999.99 nìkan ni yóò tú u fó. Àmọ́ ₦200,000 tí a ti mú láàárín ọ̀wọ́ á ti mú un kó tó débẹ̀. Nítorí náà, iye méjì ni mo ń lò níbi púpọ̀, mo sì ń fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta kún un ní 500,000 nìkan, níbi tí iná ti jó mi rí.

Ti oṣù kò ní wàhálà: 2, 3, 18, 19. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ odidi oṣù. Fún ₦100,000, oṣù 3 gbọ́dọ̀ fún wa ní ₦34,675.47, oṣù 18 ní ₦6,670.21, 2 àti 19, kó kọ̀ wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibo ni ìdáhùn tí ẹ ń retí ti wá?

Mo ti rí tábìlì ìdánwò tí ẹni tó tò ó tẹ iye sínú fọ́ọ̀mù, tó da ìdáhùn fọ́ọ̀mù kọ sínú òpó "ìdáhùn tí a ń retí", tó sì wá ń yangàn pé gbogbo rẹ̀ yege. Olè kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ibòmíràn ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wá. Òfin ìṣírò náà ni èyí, `P` ni owó, `r` ni èlé oṣù kan, `n` ni iye oṣù:

```
M = P * r * (1 + r)^n / ((1 + r)^n - 1)
```

Nínú Excel, `=PMT(0.02,3,-100000)` yóò fún yín ní ₦34,675.47. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ mú ẹ̀yáwó kan tó kúrú, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín san án tán lórí ìwé, ẹ ó rí ohun tí PMT kò lè sọ fún yín.

₦100,000, ìdá méjì, oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kìíní, èlé jẹ́ ₦2,000, nínú ₦34,675.47 tí ó san, ₦32,675.47 ló já lórí gbèsè, ó ku ₦67,324.53. Ní oṣù kejì, èlé jẹ́ ₦1,346.49, ₦33,328.98 já lórí gbèsè, ó ku ₦33,995.55. Ní oṣù kẹta, èlé jẹ́ ₦679.91. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ gbèsè tó kù: ₦34,675.46.

Kọ́bọ̀ kan dín. Tí fọ́ọ̀mù bá kọ ₦34,675.47 sí oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó yáwó ti san kọ́bọ̀ kan lé, gbèsè rẹ̀ á sì di òdo-dín-kọ́bọ̀-kan nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí kọ́bọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń ti ẹ̀yáwó pa máa ń wò bóyá ohun tó kù jẹ́ òdo gan-an. Tí kò bá jẹ́ òdo, ẹ̀yáwó náà yóò wà ní ṣíṣí, orúkọ ènìyàn á sì dúró nínú ìwé onígbèsè. Nítorí náà, ìdánwò kọ̀ọ̀kan tó dáhùn ní àwọn ohun méjì mìíràn tí mo ń yẹ̀ wò lẹ́yìn iye oṣooṣù: gbèsè gbọ́dọ̀ ku ₦0.00 lẹ́yìn oṣù tó kẹ́yìn, gbogbo ohun tó já lórí gbèsè sì gbọ́dọ̀ bá owó tí a yá mu géérégé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ààlà tí òfin ìṣírò fúnra rẹ̀ ní

Ẹ tún wo òfin `M` yẹn, kí ẹ sì fi òdo sí ipò `r`. Òkè di òdo, ìsàlẹ̀ di òdo. Nínú JavaScript, òdo tí a fi òdo pín jẹ́ `NaN`, ìyẹn ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà, ohun tí ẹni tó fẹ́ yá owó pàjáwìrì yóò sì rí lójú fọ́ọ̀mù ni "₦NaN". Kò sí ibi tí ìwé ìgbìmọ̀ ti dárúkọ ààlà yìí. Inú ìṣírò ló wà, ẹni tó bá béèrè ìbéèrè kẹta tí mo sọ lókè ló ń rí i.

Èyí la rí kí fọ́ọ̀mù tó jáde, a sì tún un ṣe pẹ̀lú ìlà kan:

```js
if (r === 0) return P / n;
```

Àtúnṣe náà dára, ó sì yẹ. Àmọ́ ẹ dà á pọ̀ mọ́ ihò tó wà láàárín 500,000 àti 500,001. Kó tó di pé a tún un ṣe, ẹni tó bá bọ́ sínú ihò yẹn ì bá rí "₦NaN", ì bá pe ẹgbẹ́ lórí fóònù, a ò bá ti mọ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ènìyàn ní nọ́ńbà tó mọ́ lójú, ₦41,666.71, kò sì sẹ́ni tó pariwo. Àṣìṣe tó ń kígbe ti di èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, tí a bá ti fi ọ̀nà tuntun sínú ìṣírò, mo máa ń béèrè pé ta ni mìíràn tó tún lè gba ọ̀nà yìí wọlé láìṣe ẹni tí a là á fún. Mo sì ní kí wọ́n yọ òdo kúrò nídìí `let r`, kí ẹni tí kò bá bọ́ sí ọ̀wọ́ kankan pàdé àṣìṣe tó hàn gbangba.

Fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì, ìdánwò àkọ́kọ́ ni ₦100,000.00 fún oṣù mẹ́ta. Ìdáhùn: ₦33,333.33, ₦33,333.33, ₦33,333.34. Kọ́bọ̀ tó ṣẹ́ kù bọ́ sórí oṣù tó kẹ́yìn, lọ́tẹ̀ yìí òkè ló lọ. Èkejì ni ₦100,000.01, kó kọ̀ ọ́. Ẹ kíyè sí i pé iye yìí kan náà dára tó bá jẹ́ ẹ̀yáwó lásán. Ààlà yìí kò dá dúró, irú ẹ̀yáwó tí a yàn ló ń gbé e wá. Nítorí náà, mo ní ìdánwò kan tó kàn ń ṣe báyìí: ẹ yan ẹ̀yáwó lásán, ẹ tẹ 300,000, ẹ jẹ́ kó dáhùn, lẹ́yìn náà ẹ yí i sí pàjáwìrì láìfọwọ́ kan owó. Fọ́ọ̀mù tó ń yẹ owó wò kìkì ìgbà tí a bá ń tẹ owó yóò gbà á wọlé. Tiwa gbà á.

Ọ̀kan kù: ₦50,000.02, pàjáwìrì, oṣù mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦12,500.005, ààbọ̀ kọ́bọ̀ gan-an. Ẹgbẹ́ sọ pé ààbọ̀ máa ń lọ sókè, nítorí náà ₦12,500.01 ni oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ₦12,499.99 ni èyí tó kẹ́yìn. Ibí ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá dẹfẹ́lọ́pà ń fi odidi kọ́bọ̀ ṣe ìṣírò tàbí ó ń fi nọ́ńbà oní-pọ́íǹtì ṣe é kó tó wá sún un ní ìparí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń tẹ nọ́ńbà

Ẹni tó ń yáwó kì í tẹ 500000. 500,000 ló ń tẹ̀, pẹ̀lú kọ́mà, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ owó. Ẹ wo ohun tí JavaScript ń fi irú rẹ̀ ṣe nínú àpótí tó ń gba ọ̀rọ̀ lásán:

```js
parseFloat("500,000")  // 500
Number("500,000")      // NaN
Number("")             // 0
parseInt("3.5")        // 3
```

Ìlà kìíní ló burú jù. Ìdajì mílíọ̀nù di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, fọ́ọ̀mù á wá sọ fún ẹni ẹlẹ́ni pé owó rẹ̀ kéré ju ₦50,000 lọ. Tí ìdánwò yín bá kàn ń wò bóyá fọ́ọ̀mù kọ̀, èyí yóò yege níbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà lára ìdáhùn tí a ń retí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni òfìfo àti òdo: ọ̀wọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, torí ẹni tí kò tẹ nǹkan kan kò yẹ kó gbọ́ pé owó òun kéré jù. Ìlà kẹta ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Oṣù 3.5 tó di 3 láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni ìlà kẹrin.

Tí àpótí bá jẹ́ `type="number"`, tí wọn kò sì fi `step` sí i, bíráúsà kò ní gba kọ́bọ̀, ẹ ó sì rò pé kọ́bọ̀ kò lè wọlé. Àfi kí wọ́n kọ `step="0.01"`. Èyí tó bá wù kó jẹ́, ẹ tún fi 500,000.01 ránṣẹ́ sí sáfà tààrà, láìgba ojú fọ́ọ̀mù kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ojú fọ́ọ̀mù àti sáfà kì í ka òfin kan náà.

Ìgbésẹ̀ keje: títò wọ́n sínú tábìlì kan

Àwọn iye tó dára lè jọ gun ẹṣin kan. ₦50,000.00 pẹ̀lú oṣù 3 dán ààlà méjì wò lẹ́ẹ̀kan, ₦17,337.73, ₦2,000,000.00 pẹ̀lú oṣù 18 náà bẹ́ẹ̀, ₦127,611.56. Àwọn tí kò dára kò gbọdọ̀ jọ rìn. Tí ẹ bá tẹ owó 49,999.99 pẹ̀lú oṣù 19, fọ́ọ̀mù á kọ̀ ọ́, ẹ kò sì ní mọ èyí tó kọ̀ nínú méjèèjì. Bóyá oṣù 19 máa ń wọlé láti àárọ̀, owó ló kàn ń bò ó. Àìdára kan, ìdánwò kan, gbogbo ìyókù kó dára.

Tí mo ka tiwa, láìpa èyíkéyìí pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún: mẹ́sàn-án fún owó, mẹ́rin fún ààlà oṣù, mẹ́rin fún pàjáwìrì, márùn-ún fún ohun tí a tẹ̀ ségesège sí àpótí owó, méjì fún ti oṣù. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan láti tò ó, pẹ̀lú ìṣírò orí ìwé.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìgbìmọ̀ gbé ààlà èlé kúrò ní ₦500,000 lọ sí ₦750,000. Mo fi 750,000.00 àti 750,000.01 kún tábìlì, àmọ́ n kò yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn wọn ni mo yí padà: 500,000.00 àti 500,000.01 gbọ́dọ̀ jọ fún wa ní ₦47,279.80 báyìí, èlé ìdá méjì. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, ojú fọ́ọ̀mù sọ ₦47,279.80 fún méjèèjì, sáfà sì sọ ₦45,840.00 fún èkejì. Ẹnìkan ti yí nọ́ńbà náà padà níbì kan, ó gbàgbé ibì kejì.